Bí Kọ̀ǹpútà Àti Mítà Bá Tètè Bára Mu, Ẹ Fura

Bí onílé ọ́fíìsì bá fẹ́ dín owó iná kù, ẹnjiníà lè fi ètò bíi EnergyPlus ṣe àwòṣe ilé náà sínú kọ̀ǹpútà: ògiri, fèrèsé, gílóòbù, ẹ̀rọ amúlétutù, iye òṣìṣẹ́ àti ìgbà tí wọ́n ń wọlé. Ètò náà á ṣírò iye iná tí ilé náà ń jẹ. Àmọ́ ilé tó ti wà tipẹ́ ní mítà tirẹ̀, àwòṣe sì gbọ́dọ̀ bá mítà mu kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ká mú ọ́fíìsì alájà mẹ́ta kan n'Íbàdàn fún àpẹẹrẹ. Lóṣù Kẹta, àwòṣe ní yúníìtì 18,000 ni yóò jẹ, mítà ní 15,000. Aláìmọ̀lú á ti máa dín iná inú àwòṣe kù. Ṣùgbọ́n mítà iná ìjọba (orúkọ tá a ṣì ń pè é nìyẹn) kò mọ jẹnẹrétọ̀ rí. Ká ní wọ́n ṣírò dísù, wọ́n rí i pé jẹnẹrétọ̀ fún wọn ní 3,800. Àpapọ̀ di 18,800. Ó wá ku 800 péré, kò tó ìdá 5 nínú 100. Ìdá 5 yìí náà ni Ìlànà 14 ẹgbẹ́ ASHRAE ti Amẹ́ríkà fàyè gbà fún àpapọ̀ ọdún, tó bá jẹ́ iye oṣooṣù la fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ á pa kọ̀ǹpútà dé níbẹ̀.

Kí wọ́n kọ́kọ́ ka mítà láago mẹ́wàá alẹ́ ná, kí wọ́n tún kà á láago márùn-ún ìdájí, lálẹ́ tí iná ò lọ. Ká ní ó fi 56 lé: yúníìtì 8 ní wákàtí kan nìyẹn, àwòṣe sì fi 2 sí i. Yàrá sáfà kì í sùn, bẹ́ẹ̀ ni fíríìjì, ẹ̀rọ omi tútù àti iná ẹ̀ṣọ́. Nǹkan bí wákàtí 500 ni ọ́fíìsì fi ń wà ní títì lóṣù, nítorí náà àwòṣe fi 3,000 dín lóru àti lópin ọ̀sẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé 800 péré ló dín lápapọ̀, a jẹ́ pé ó ti fi 2,200 lé lọ́sàn-án. Àṣìṣe méjì ń bo ara wọn láṣìírí. Bí onílé bá ra ẹ̀rọ amúlétutù tuntun nítorí àwòṣe yìí, èrè tó retí ò ní wọlé tán, torí apá kan iná ọ̀sán tí wọ́n ní yóò dín kù kò sí níbẹ̀ rí.

Láti rí ibi tí 2,200 ti wọlé, kí wọ́n rìn yí ilé ká láago mọ́kànlá àárọ̀. Àwòṣe lè ti kún gbogbo àga, nígbà tí ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ wà níta lọ́dọ̀ oníbàárà, tí ẹ̀rọ amúlétutù yàrá wọn sì wà ní pípa. Ohun tí ojú rí nìkan ni kí wọ́n yí padà. Ẹni tó bá kàn ń yí nọ́ńbà títí yóò fi ṣe rẹ́gí ti ń fi ayédèrú ṣiṣẹ́.

Ojú ọjọ́ ọdún tí wọ́n ka mítà gan-an náà ló yẹ kí wọ́n fi sínú ètò, kì í ṣe fáìlì ọdún àgbékalẹ̀ tí wọ́n ṣà láti ọdún púpọ̀. Síbẹ̀, ooru Ìbàdàn kì í yàtọ̀ láti oṣù dé oṣù bíi ti ìlú òtútù, bílì oṣooṣù kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ tú àṣírí ẹ̀rọ amúlétutù. Kíka mítà lóru, lọ́jọ́ Àìkú àti lọ́jọ́ ìsinmi ọdún ló ń tú u.