Ká Tètè San Gbèsè Tán Ni, Àbí Ká Bẹ̀rẹ̀ Ìdókòwò? Irú Gbèsè Tó Wà Lọ́rùn Wa Ni Yóò Dá Wa Lóhùn



Ẹnì kan ń gba owó oṣù, ó jẹ gbèsè, ó sì ń san án bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn oúnjẹ, owó ilé àti owó iléèwé ọmọ, nǹkan bíi ₦20,000 ṣì ń ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ lóṣooṣù. Ṣé kí ó fi ìyẹn kún owó gbèsè kí ó lè tètè bọ́, àbí kí ó fi bẹ̀rẹ̀ ìdókòwò kí owó náà máa bí sí i? Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń bi wá ní ìbéèrè yìí, ìdáhùn wa kì í sì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo wọn. Ohun tí a kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé: irú gbèsè wo ni? Gbèsè ẹlẹ́lé yàtọ̀ sí gbèsè ọjà tí a rà láwìn lọ́nà múràbáhà, nínú ẹ̀sìn àti nínú ìṣirò.

Bó bá jẹ́ gbèsè ẹlẹ́lé

Ẹ jẹ́ ká fi olùkọ́ kan n'Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Òrùlé ilé rẹ̀ ló bàjẹ́ tó fi yá ₦600,000 ní ọ̀kan nínú àwọn báńkì kéékèèké tó ń yáni lówó. Èlé rẹ̀ jẹ́ náírà mẹ́ta lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù, wọ́n sì ń ṣírò rẹ̀ lórí iye tó bá kù nílẹ̀. Oṣù 24 ni yóò fi san án, ₦35,428 lóṣù. Bó bá san án bẹ́ẹ̀ títí dé òpin, nǹkan bíi ₦850,000 ni yóò ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ìyẹn ni pé èlé nìkan tó ₦250,000.

Ẹ wo oṣù àkọ́kọ́. Nínú ₦35,428 tó san, ₦18,000 jẹ́ èlé. ₦17,428 péré ló dín ojú owó tó yá kù. Ìdí nìyí tí gbèsè ẹlẹ́lé fi máa ń dà bí ẹni ń fi agbọ̀n pọnmi ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, olùkọ́ wa kò tíì fi kọ́bọ̀ kún gbèsè, kò sì tíì dókòwò kankan. ₦20,000 tó ń ṣẹ́kù ló ń kó jọ sí àpò ìfowópamọ́ tí kò ní èlé, títí tó fi di ₦120,000. Owó pàjáwìrì nìyẹn. Ohun tó ṣe dára, nítorí owó tí a bá ti kó fún ayánilówó kì í padà sẹ́yìn mọ́. Bí ọmọ bá ṣàìsàn lọ́jọ́ kejì tí kò sì sí nǹkan nílẹ̀, orí èlé náà ni a ó tún padà sí.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà yẹn, gbèsè rẹ̀ ku nǹkan bíi ₦487,000, ó sì ku oṣù 18. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀ báyìí.

Ọ̀nà kìíní: ó fi ₦20,000 kún owó tó ń san, ó wá ń san ₦55,428 lóṣù. Gbèsè náà yóò parí ní oṣù kọkànlá dípò oṣù kejìdínlógún. Èlé tí ì bá san yóò dín ní nǹkan bíi ₦63,000. Bó bá wá ń tọ́jú gbogbo ₦55,428 náà pamọ́ láti ìgbà tó ti bọ́ títí di òpin oṣù 18, tí kò tilẹ̀ jèrè kankan lórí rẹ̀, nǹkan bíi ₦423,000 ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà kejì: ó ń san ₦35,428 bó ṣe wà, ó sì ń fi ₦20,000 dókòwò lóṣooṣù fún oṣù 18. Ká ní ìdókòwò haláàlì náà mú èrè tó jẹ́ náírà 15 lórí ọgọ́rùn-ún wá lọ́dún, tí èrè sì ń gorí èrè, nǹkan bíi ₦401,000 ni yóò bá lọ́wọ́.

Ọ̀nà kìíní fi nǹkan bíi ₦22,000 borí. Ṣùgbọ́n ohun tó tóbi ju iye yẹn lọ ni pé èlé tí a kò san mọ́ jẹ́ èrè tó dájú, nígbà tí èrè ìdókòwò lè wá, ó sì lè má wá. Kò sí ìdókòwò haláàlì tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò mú náírà mẹ́ta lórí ọgọ́rùn-ún wá lóṣooṣù. Ẹni tó bá ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ sá fún un.

Ti ẹ̀sìn tún wà níbẹ̀. Nínú Súrátù Bákárà, áyà 278 àti 279, Ọlọ́run pàṣẹ fún àwọn onígbàgbọ́ òdodo pé kí wọ́n fi ohun tó ṣẹ́kù nínú èlé sílẹ̀, Ó sì kéde ogun lé ẹni tó bá kọ̀. Àdéhùn èlé kì í ṣe ibi tí mùsùlùmí ń jókòó sí kó máa wá èrè níbòmíràn. Nítorí náà, bí a bá ti ní owó pàjáwìrì díẹ̀ nílẹ̀, gbèsè ẹlẹ́lé ni kí a kọjú sí.

Ohun tó yẹ kí a bèèrè kí a tó san àsansí

Ìṣirò tí a ṣe lókè yìí dúró lórí ohun kan: pé orí owó tó kù ni wọ́n ti ń ka èlé. Kì í ṣe gbogbo ayánilówó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan máa ń ka èlé sórí gbogbo owó tí a yá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lọ́wọ́ irú wọn, ₦600,000 kan náà yóò máa mú ₦18,000 èlé wá lóṣooṣù fún oṣù 24, a ó sì máa san ₦43,000 lóṣù. Ẹ gba ìwé ìsanpadà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ wo ìlà èlé. Bó bá ń dín kù láti oṣù dé oṣù, orí iye tó kù ni wọ́n ti ń kà á. Bó bá dúró sójú kan, orí gbogbo owó ni.

Bó bá jẹ́ pé ó dúró sójú kan, ẹ bèèrè iye tí wọn yóò gbà bí ẹ bá san gbogbo rẹ̀ lónìí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fa èlé àwọn oṣù tí kò tíì dé yọ. Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ìsáré wa kò dín nǹkan kan kù. Ká máa san án ní àsìkò rẹ̀, ká tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ká má sì padà síbẹ̀ mọ́.

Àṣìṣe mìíràn wà tó wọ́pọ̀. A lè san ₦20,000 lé e, kí báńkì kàn gbé e sílẹ̀ bí owó oṣù tó ń bọ̀ tí a san ṣáájú, láìyọ ọ́ kúrò lára ojú owó. Ẹ sọ fún wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà, pé ojú owó ni kí wọ́n fi dín kù. Bí a ṣe lè mọ̀ rèé: ní oṣù tó tẹ̀ lé e, èlé olùkọ́ wa ì bá jẹ́ ₦13,994 bí kò bá fi nǹkan kún un. Nítorí ₦20,000 tó fi kún un, ó yẹ kó jẹ́ ₦13,394. Bí ₦600 yẹn kò bá yọ, wọn kò tíì ṣe ohun tó sọ. Kí ó padà lọ bá wọn kíákíá.

Bó bá jẹ́ múràbáhà

Ẹ jẹ́ ká tún mú ìyá kan tó ń ta ẹja dídì. Báńkì tí kì í gba èlé ra fíríísà ní ₦500,000, ó sì tà á fún un ní ₦620,000, kí ó san án fún oṣù 20, ₦31,000 lóṣù. Òwò nìyẹn, kì í ṣe owó tí a fi yá owó. Iye ọjà náà ti dúró: kò lè lé sí i bó bá pẹ́ ní sísan, kì í sì í dín kù fúnra rẹ̀ bó bá yá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ₦372,000 ló kù. Bó bá fẹ́ san gbogbo rẹ̀ lónìí, ₦372,000 náà ni.

Àwọn kan máa ń bínú pé kí ló dé tí báńkì kò kọ ẹ̀dínwó sínú àdéhùn fún ẹni tó bá tètè san. Ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ló wà nídìí rẹ̀. Pé kí onígbèsè tètè san kí olówó sì dín in kù, Ìmáàmù Málíìkì, ẹni tí ọ̀pọ̀ wa ní ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé mádíábù rẹ̀, kò fẹ́ ẹ. Àpapọ̀ àwọn onímọ̀ fíkíìhì lágbàáyé tó jókòó ní Jẹ́dà ní ọdún 1992 gbà á láàyè, bí kò bá ti sí nínú àdéhùn tẹ́lẹ̀, tó sì jẹ́ láàárín olówó àti onígbèsè nìkan. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ojúrere ni ẹ̀dínwó náà, kì í ṣe ẹ̀tọ́. A lè tọrọ rẹ̀. Bí wọ́n bá fún wa, ká wò ó bóyá ó tó nǹkan. Bí wọn kò bá fún wa, kò sí èrè owó kankan nínú pé ká sáré san.

Nítorí náà, ìyá ẹlẹ́ja yìí lè máa san ₦31,000 rẹ̀ lóṣooṣù, kí ó sì fi ₦20,000 tó ń ṣẹ́kù sínú òwò ara rẹ̀, tàbí kí ó kó o jọ fún súkúùkù ìjọba àpapọ̀. Ọdún 2017 ni ìjọba Nàìjíríà kọ́kọ́ ta súkúùkù náà, ₦100 bílíọ̀nù fún kíkọ́ ojú ọ̀nà, fún ọdún méje. Iye tó kéré jù tí ẹnì kan lè fi wọlé nígbà náà ni ₦10,000, owó ìyálò sì ń wọlé fún àwọn tó rà á lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà mẹ́fà.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ọdún méje yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ kí ó tó pé ní láti wá ẹni tí yóò tà á fún ní ọjà ìpín ìdókòwò, ó sì lè má rí iye tó fẹ́. Onígbèsè kò gbọdọ̀ há gbogbo ohun tó ní mọ́ ibi tí ọwọ́ kò lè tètè tó o. Hádíìsì tí Salamah ọmọ al-Akwa gbà wá, tó wà nínú Búhárì, sọ pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) kò kírun sí òkú ẹnì kan lára tó jẹ dínárì mẹ́ta láìfi nǹkan sílẹ̀, títí Abu Katada fi gba gbèsè náà sọ́rùn. A tún mọ̀ láti inú Súrátù Nísáì pé a gbọ́dọ̀ san gbèsè kí a tó pín ogún. Nítorí náà, kí owó oṣù méjì tàbí mẹ́ta wà níbi tí ọwọ́ tó, kí a kọ gbèsè náà sílẹ̀, kí ẹnì kan nínú ilé sì mọ̀ nípa rẹ̀. Kí a má sì fi owó ìdókòwò pẹ́ sísan oṣù kan ṣoṣo, nítorí Ànábì ka ìfònídónìí-fọ̀ladọ́la ẹni tó ní agbára láti san sí àbòsí.

Ní kúkúrú, ẹ gbé ìwé gbèsè yín wá síta lálẹ́ òní. Bí ẹ bá rí èlé níbẹ̀ tó ń dín kù bí owó ṣe ń dín kù, ẹ fi owó tó ń ṣẹ́kù lé e títí yóò fi tán, lẹ́yìn náà kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìdókòwò pẹ̀lú gbogbo owó tí ẹ ti ń san tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ ọjà tí iye rẹ̀ ti dúró, ẹ tọrọ ẹ̀dínwó, bí kò bá sì sí, ẹ lè dókòwò bí ẹ ṣe ń san. Kí Ọlọ́run bá wa san gbèsè ọrùn wa, kí Ó sì fi haláàlì Rẹ̀ tó wa. Àmín.