Wáyà Tó Ń Ba Ohùn Àwo Jẹ́

Rẹ́díógíráàmù tí ọ̀pọ̀ baba fi ń gbọ́ Haruna Ishola àti Ebenezer Obey láyé ọjọ́un kì í sábà ní príámpù fónò, orin sì ń jáde ketekete. Kátíríìjì inú wọn, ìyẹn orí kékeré tí abẹ́rẹ́ so mọ́, sábà máa ń jẹ́ ti sẹ̀rámíìkì. Iná tó ń ti ibẹ̀ jáde pọ̀ débi pé ámpù lè gbé e láìsí olùrànlọ́wọ́. Àwọn ọmọ tó jogún àwo wọ̀nyẹn, tí wọ́n wá lọ ra tọ́ntébù tuntun kí wọ́n lè gbọ́ wọn, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n, nítorí nǹkan ti yí padà.

Ká mú AT-LP120X ti ilé-iṣẹ́ Audio-Technica. Kátíríìjì tó máa ń bá a wá ni AT-VM95E. Bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣe ń tọ ojú ìlà àwo, mágínẹ́ẹ̀tì tín-ín-tín ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ìlì, iná tó sì ń bá kọ́ìlì náà jáde ò ju nǹkan bíi 4 mílífóòtì lọ. Ihò tí a ń ki wáyà fóònù tàbí sídíì bọ̀ lẹ́yìn ámpù ń retí ohun tó tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ìyẹn. Príámpù fónò ló ń dí àlàfo yìí.

Ó tún ní iṣẹ́ kejì. Bí wọ́n bá fín béèsì sórí àwo bó ṣe pọ̀ tó gan-an, ìlà á fẹ̀ débi pé orin díẹ̀ ni ojú àwo kan á gbà. Nítorí náà wọ́n máa ń dín béèsì kù kí wọ́n tó fín in, wọ́n á sì fi kún tírẹ́bù kí ó lè borí ariwo ṣìṣì tí àwo ń pa. Láti 1954 ni ẹgbẹ́ RIAA ti Amẹ́ríkà ti fi òdiwọ̀n kan lélẹ̀ fún èyí. Príámpù á wá yí i padà: á gbé béèsì sókè, á tẹ tírẹ́bù mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ki wáyà tọ́ntébù bọ ọ́sì tààrà á gbọ́ orin tó ń dún wínrínwínrín láti ọ̀nà jíjìn, tí gìtá béèsì ò sí níbẹ̀ rárá.

Òdìkejì rẹ̀ náà máa ń ṣẹlẹ̀. AT-LP120X ní príámpù tirẹ̀ nínú, tó ní bọ́tìnì kékeré lẹ́yìn. Bí bọ́tìnì náà bá wà ní láìnì, tí a sì tún ki wáyà bọ ihò fónò lára ámpù, orin ti gba inú príámpù méjì kọjá nìyẹn, á sì máa bú gbàù, á máa fọ́. Ọ̀kan ṣoṣo ni kó gbà kọjá. Ẹni tó bá ní príámpù ọ̀tọ̀ ní láti yí bọ́tìnì náà sí fónò.

Wáyà síso fúnra rẹ̀ ò le. Kí ámpù kọ́kọ́ wà ní pípa. Orí wáyà pupa jẹ́ ti ọ̀tún, funfun jẹ́ ti òsì. Láti tọ́ntébù ni wọ́n ti ń lọ sí ẹnu príámpù, láti príámpù ni wáyà mìíràn ti ń lọ sí ọ́sì. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi sílẹ̀ nítorí pé kò jọ èyí tó ń gbé orin: wáyà áàtì ni, a ó sì fi síkúrù dè é mọ́ ẹ̀yìn príámpù. Bí kò bá sí, sípíkà á máa kùn hùùù. Bí kíkùn náà bá dínkù nígbà tí a fọwọ́ kan irin apá tọ́ntébù, áàtì ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá ń yí padà bí a ṣe ń gbé príámpù káàkiri, ó ti sún mọ́ tiransífọ́mà ámpù jù.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń parí ẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ibí ni èyí tó gba ọgbọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹnu príámpù jẹ́ ẹrù tí kátíríìjì ń gbé. Apá kan ẹrù náà ni rẹsísítáǹsì, tó jẹ́ 47,000 óòmù fún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo kátíríìjì onímágínẹ́ẹ̀tì, a kì í sì í fọwọ́ kàn án. Apá kejì ni kàpásítáǹsì, tí a ń fi píkòfáráàdì wọ̀n. Kì í ṣe inú príámpù nìkan ló wà. Wáyà inú apá tọ́ntébù ní tirẹ̀, wáyà pupa àti funfun ní tiwọn, gbogbo rẹ̀ la sì ń rò pọ̀. Audio-Technica ní kí àròpọ̀ náà wà láàárín 100 sí 200 fún AT-VM95E. Fún 2M Red ti Ortofon, 150 sí 300 ni.

Ká ní ẹnì kan ní 30 píkòfáráàdì nínú apá tọ́ntébù, wáyà mítà kan ààbọ̀ tó ní 100 lórí mítà kọ̀ọ̀kan, àti príámpù tó ní 220. Ó di 400. Kọ́ìlì AT-VM95E (550 mílíhẹ́ńrì) àti kàpásítáǹsì yìí á jọ máa dún pọ̀ ní nǹkan bíi 10,700 háátìsì. Ohùn tó wà díẹ̀ nísàlẹ̀ ibẹ̀, ní àyíká 9,000, á ga ju bó ṣe yẹ lọ ní nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, èyí tó wà lókè á sì já wálẹ̀. Etí máa gbọ́ ọ: "s" àti "ṣ" lẹ́nu olórin á máa gún ni létí, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á máa ha, síbẹ̀ orin ò ní mọ́lẹ̀ lókè pátápátá.

Bí príámpù bá ní bọ́tìnì tó lè sọ 220 di 50, àròpọ̀ á di 230. Ó ṣì ga díẹ̀. Bí a bá wá fi wáyà irú kan náà tí kò ju 70 sẹ̀ǹtímítà rọ́pò ti mítà kan ààbọ̀, ó di 150. Ibi tí wọ́n ti ń dún pọ̀ á sún lọ sí nǹkan bíi 17,500 háátìsì, òkè tó ń gún etí á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ìdí nìyí tí wáyà láti tọ́ntébù sí príámpù fi gbọ́dọ̀ kúrú. Èyí tó ti príámpù lọ sí ámpù lè gùn bó bá ṣe wuni.

Mítà oníṣẹ́ iná tó lè wọn kàpásítáǹsì tó fi yẹ wáyà wò: ká yọ wáyà lójú méjèèjì, ká fi ẹnu mítà kan irin àárín àti irin etí, ká sì yọ iye ti wáyà mítà fúnra rẹ̀ kúrò. A kì í wọn ọ́n nígbà tí kátíríìjì bá ṣì wà lójú rẹ̀. Iye tó máa jáde ò ní jóòótọ́, iná mítà sì lè ba kọ́ìlì jẹ́.

Ọ̀tọ̀ ni ti kátíríìjì tí kọ́ìlì rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń mì, bíi DL-103 tí Denon ṣe fún ilé-iṣẹ́ rédíò NHK ní Japan. 0.3 mílífóòtì péré ló ń mú jáde, kọ́ìlì rẹ̀ sì kéré débi pé píkòfáráàdì ò fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́. Rẹsísítáǹsì ni ká ṣọ́ fún un: 100 óòmù ó kéré tán. Bí a bá so 40 óòmù, tó bá iye inú kọ́ìlì rẹ̀ dọ́gba, ìdajì iná náà ti lọ nìyẹn.

Kí a má sì fi gbogbo ẹ̀bi ohùn tó ń gún etí ru wáyà. Abẹ́rẹ́ tó ti jẹ tàbí kátíríìjì tí wọ́n gbé wọ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Kí ẹni tó fẹ́ mọ̀ fi orin àkọ́kọ́ àti orin ìkẹyìn lójú àwo kan náà wéra. Bí ẹrù kàpásítáǹsì bá lòdì, bákan náà ni yóò máa gún láti etí àwo dé àárín. Bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ tàbí bí wọ́n ṣe gbé e ni, bí ó ṣe ń sún mọ́ lébù àárín ni yóò máa burú sí i.