Nígbà Tí Kóòtù Bá Fẹ́ Yá Òṣìṣẹ́ Lọ́wọ́ Ọ̀gá

Àárín ìwé owó gáàsì àti bébà ìpolówó písà ni létà náà máa ń wà. Orúkọ ẹni wà lórí rẹ̀, àdírẹ́sì pé, ọ̀rọ̀ "kóòtù" sì hàn níbẹ̀ gàdàgbà. Yorùbá tó bá ti iṣẹ́ òru dé, tó bá a lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, àyà rẹ̀ á kọ́kọ́ já ná kó tó bọ́ bàtà.

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ló ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ẹni tí wọ́n bá sì já sámáǹsì fún nílé, ẹjọ́ ló fẹ́ lọ jẹ́ tàbí kó lọ jẹ́rìí. Ní Nàìjíríà òde òní, adájọ́ ló ń dá ẹjọ́. Kò sẹ́ni tó ń ránṣẹ́ pe ìyá aláṣọ tàbí awakọ̀ dánfó pé kó wá bá òun wò ó bóyá lágbájá jalè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wéèsì, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ṣe. Aráàlú méjìlá ni í jókòó gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn ní Kíráùn Kóòtù. Àwọn ni wọ́n ń pè ní júrì, àwọn náà ló sì ń sọ bóyá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jẹ̀bi. Inú ìwé orúkọ àwọn olùdìbò ni wọ́n ti ń ṣa orúkọ wọn, bí ìgbà téèyàn ń fa tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì láìwojú ẹnikẹ́ni. Ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú ìwé yẹn, torí pé ọmọ orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́wẹ́ẹ̀tì tó ń gbé ibẹ̀ lọ́nà tó bófin mu lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, bí kò tilẹ̀ ní pásípọ́ọ̀tù wọn.

Ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń gbé Pẹ́kàmù, ọdún kẹsàn-án rèé tó ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ kéà ló ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó: ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, wákàtí méjìlá lójúmọ́. Létà dé pé kó wá ṣe júrì, ó sì gbé e sábẹ́ Bíbélì kí ara òun lè kọ́kọ́ balẹ̀.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún ẹni tó gba létà láti fèsì, ì báà jẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tàbí nípa fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá dákẹ́, tàbí tí kò yọjú lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un láìsí ìdí, owó ìtanràn tó lè tó £1,000 ń dúró dè é. Kódà ẹni tí kò yẹ kó ṣe é pàápàá gbọ́dọ̀ fèsì. Òfin sọ pé ẹni náà gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18, kó má tíì pé 76, kó sì ti gbé níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún ó kéré tán láti ìgbà tó ti pé ọmọ ọdún 13. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọdún méjì níbẹ̀ lè ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, kí létà sì wá kàn án; ohun tó kù fún un ni kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀.

Obìnrin tiwa yìí ti pé ọdún márùn-ún, ó ti kọjá. Ó fèsì lọ́jọ́ kẹrin, ó wá ku bó ṣe máa sọ fún ọ̀gá. Ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tirẹ̀ ni obìnrin tó ń darí ṣífìtì wọn, Àǹtí ni gbogbo wọn sì ń pè é. Ó bá a nídìí ẹ̀rọ tó ń fọ aṣọ.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ o, mi ò ní lè wá ní ọ̀sẹ̀ méjì kan lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní kí n wá sí kóòtù."

"Kóòtù kẹ̀? Kí lo ṣe?"

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Kó tó di ọ̀sán, ilé ìdáná ti gbọ́, ẹnì kan ti ń ṣírò bóyá ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ni. Mánéjà tó jẹ́ Òyìnbó náà ti rántí ìwé ẹ̀rí tí gbogbo oníṣẹ́ kéà gbọ́dọ̀ ní, èyí tó ń fi hàn pé kò sí àkọsílẹ̀ ọ̀daràn lẹ́yìn wọn. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ júrì kò kan ìwé yẹn rárá; kì í wọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ "kóòtù" tí ó kọ́kọ́ ti ẹnu jáde ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ká ní "júrì" ló fi bẹ̀rẹ̀ ni, tó wá nawọ́ létà sí Àǹtí, ọ̀rọ̀ ì bá ti yàtọ̀.

Lílọ bá ọ̀gá lójúkojú dáa, ọ̀wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ó yẹ kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mánéjà, kó má gùn: pé wọ́n ti pe òun fún júrì, ọjọ́ báyìí ni òun máa bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ni wọ́n sábà máa ń lò ṣùgbọ́n ẹjọ́ mìíràn lè gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé ẹ̀dà létà rèé. Kó fi nǹkan bo nọ́ńbà tí wọ́n fún un nínú létà kó tó ya fọ́tò rẹ̀, nítorí nọ́ńbà yẹn ló máa fi wọ ojú ewé tí wọ́n ti ń fèsì. Ọjọ́ tó fi ránṣẹ́ náà ṣe pàtàkì, ìdí sì wà nínú òfin.

Òfin ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ti 1996, pẹ̀lú àtúnṣe tó tẹ̀ lé e, kò gbà kí ọ̀gá lé òṣìṣẹ́ tàbí fìyà jẹ ẹ́ nítorí pé wọ́n pè é fún júrì. Ẹni tó lo oṣù kan péré lẹ́nu iṣẹ́ náà ní ẹ̀tọ́ yìí. Ihò kan wà nínú rẹ̀ ṣá, ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀ ọ́n. Ká ní ọ̀gá fi hàn pé àìsí òṣìṣẹ́ yẹn máa ṣe iṣẹ́ òun ní jàǹbá ńlá, tó sì sọ fún un, tí òṣìṣẹ́ wá kọ̀ láìnídìí gidi láti tọrọ pé kí wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú, ààbò yẹn lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó tètè sọ, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀: bí mánéjà bá fẹ́ kí ó sún un, àkókò á wà fún un láti ṣe bẹ́ẹ̀. Mánéjà kò lè fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé òṣìṣẹ́ òun kò wá. Òṣìṣẹ́ ló máa béèrè, mánéjà á fún un ní létà tó ṣàlàyé ìdí. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gbà á láyè, láàrin oṣù méjìlá, kó sì ti sọ àwọn ọjọ́ tí kò ní ráyè sílẹ̀. Ẹni tó bá ti lo ẹ̀ẹ̀kan yìí torí pé rótà oṣù August ṣòro, kó má retí pé wọ́n á tún gbà fún un nígbà tí ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ní Ìbàdàn bá dé.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ́jẹ́ńsì ní láti ṣọ́ra. "Òṣìṣẹ́" tí apá òfin yìí ń sọ ni ẹni tí òun àti agbanisíṣẹ́ jọ ní àdéhùn iṣẹ́ ní tòótọ́. Ẹ́jẹ́ńsì tó bá kàn dẹ́kun fífún èèyàn ní ṣífìtì lè sọ pé kò kúkú sí ẹni tí òun lé.

Owó ló kù. Kò sí òfin tó ní kí ọ̀gá san owó iṣẹ́ fún àwọn ọjọ́ júrì. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń san gbogbo rẹ̀, àwọn kan ń fi díẹ̀ kún ohun tí kóòtù san, ọ̀pọ̀ kì í san kọ́bọ̀. Inú ìwé àdéhùn iṣẹ́ lèèyàn á ti rí i. Kóòtù fúnra rẹ̀ máa ń dí i: £64.95 ló pọ̀ jù lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́, tí èèyàn bá lò ju wákàtí mẹ́rin lọ, àti £32.47 tí kò bá jù mẹ́rin lọ. Owó ọkọ̀ àti ti oúnjẹ wà lọ́tọ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ wo ti obìnrin Pẹ́kàmù yìí. Owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ fún àgbàlagbà di £12.21 fún wákàtí kan ní April 2025. Ní iye ìgbà yẹn, tí wọ́n bá ń sanwó wákàtí méjìlá rẹ̀ pé, £146.52 ló máa pa lójúmọ́ kí wọ́n tó yọ owó orí. Lọ́jọ́ tí ṣífìtì àti kóòtù bá pàdé, nǹkan bí £82 ló máa wọ inú ihò.

Kí ó tó rí £64.95 yẹn gbà pàápàá, ọ̀gá ní iṣẹ́ kan láti ṣe. Fọ́ọ̀mù kan wà tí agbanisíṣẹ́ máa kọ iye tí òṣìṣẹ́ máa pàdánù sí, tó sì máa fọwọ́ sí. Òṣìṣẹ́ á mú un dání lọ sí kóòtù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fa sísọ fún ọ̀gá di ọjọ́ Furaidé, tí júrì sì bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè, á bá ọ́fíìsì owó oṣù ní títì.

Ohun tó máa ń bí àwọn ọ̀gá nínú jù ni pé kò sẹ́ni tó mọ bí ọ̀sẹ̀ méjì náà ṣe máa rí. Èèyàn lè jókòó sí yàrá ìdúró láti àárọ̀ láìsí pé wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n lè ní kó máa lọ sílé lọ́sàn-án, tàbí kó má wá lọ́la. Lọ́jọ́ tí kóòtù kò bá nílò rẹ̀, ọ̀gá lè retí rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ó sàn kí wọ́n ti sọ ọ́ ṣáájú: tí wọ́n bá tú wa ká lágogo méjìlá, ṣé kí n máa bọ̀, tàbí ẹ ti fi ẹlòmíì sípò mi? Ó sì yẹ kó ní kí wọ́n yọ òun kúrò ní ṣífìtì òru láàrin ọ̀sẹ̀ náà. Ẹni tí kò sùn mọ́jú, tó wá ń tòògbé lórí àga júrì, lè ba ẹjọ́ náà jẹ́. Fóònù náà ńkọ́? Pípa ni ó máa wà nínú kóòtù. Kí Àǹtí má pè é pé níbo ló fi kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn sí.

Ohun kan wà tí ọ̀gá kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́. Bí ẹjọ́ bá ṣì ń lọ lọ́wọ́, júrì kò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ yàtọ̀ sí àwọn júrì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ẹjọ́, ohun tí gbogbo ayé gbọ́ nínú kóòtù kò léèwọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn méjìlá bá sọ nínú yàrá wọn, ẹni tó bá tú u síta ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé e lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì.

Obìnrin náà padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Mọ́ńdè kan. Àǹtí ti fi ife tíì méjì sílẹ̀ dè é lórí tábìlì, ó sún mọ́ ọn.

"Ìwọ ńkọ́? Èwo lo fara mọ́ ńbẹ̀?"

"Ẹ ṣeun fún tíì o, Àǹtí. Ṣé bàbá yàrá kẹrin ti mu tiwọn?"