Bí A Ṣe Lè Fi Ẹnu Ṣàlàyé Fíríìjì Kí Ó sì Yé Gbogbo Gbọ̀ngàn

Ẹni tó ń ka ìwé lè ṣí i padà sẹ́yìn. Bí ìlà kẹwàá kò bá yé e, á padà sí ìlà kẹta, á tún un kà, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó jókòó sínú gbọ̀ngàn kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ré etí rẹ̀ kọjá ti lọ, olùkọ́ kò sì ní dúró dè é. Ìdí nìyí tí ẹni tó fẹ́ fi ẹnu ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀rọ fi gbọ́dọ̀ gé e sí ìgbésẹ̀, kí ó sì máa ṣe àtúnsọ ní ṣókí lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló mọ̀ pé àtúnsọ dára. Ohun tó yẹ kó wà nínú àtúnsọ náà ni wọn kì í sábà rò ó débẹ̀.

Fíríìjì ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́, ó sì ṣòro láti fi ẹnu sọ. Gáàsì inú rẹ̀ ń yí po ni, kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò ní òpin, ẹnu sì rèé, ibì kan ṣoṣo ló lè wà lẹ́ẹ̀kan.

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn fún àwọn tó ń gbọ́ lásán. Wọn kò tíì mọ ìdí tí a fi ń fún gáàsì pọ̀, a ti ń sọ bí a ṣe ń fún un pọ̀ fún wọn. Ibi tí òtútù wà ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti mọ fíríìjì. Kí a sì kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ohun tí a ń pè ní gáàsì yìí, ìgbà mìíràn wà tó máa ń jẹ́ omi gidi.

Ìgbésẹ̀ kìíní wá lọ báyìí. Ẹ rántí bí nọ́ọ̀sì ṣe ń fi òwú tí a rẹ sínú sípíríìtì nu ara kó tó gún abẹ́rẹ́. Ojú ibẹ̀ máa ń tutù, nítorí pé sípíríìtì kò lè gbẹ láìgba ooru lára ènìyàn. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú páìpù tó yí fíríìsà ká. Gáàsì tí wọ́n ń pè ní R134a, bí kò bá sí ohun tó fún un pọ̀, á ti máa hó láti nǹkan bíi 26 lábẹ́ òdo lórí ìwọ̀n Sẹ́ẹ́síọ́ọ̀sì, nígbà tí omi tí à ń mu kò ní hó títí yóò fi dé 100. Nítorí náà, ooru kékeré tó wà lára ẹja àti ẹran ti tó láti mú un hó. Bó ṣe ń hó ló ń gba ooru náà lọ.

Ibí ni kí olùkọ́ ti dúró. Bí ó bá ní, “A ti sọ̀rọ̀ nípa páìpù inú fíríìsà,” kò tíì tún ohunkóhun sọ, orúkọ ibi tí a ti wá nìkan ló dá. Ohun tí àwọn ènìyàn nílò kí wọ́n tó gbéra ni ipò tí gáàsì wà báyìí. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi wọ́n: omi ni àbí atẹ́gùn? Ó tutù àbí ó gbóná? Wọ́n fún un pọ̀ àbí ó tú sílẹ̀? Kí gbọ̀ngàn fi ẹnu ara wọn dáhùn pé atẹ́gùn ni, ó tutù, ó tú sílẹ̀. Ìdáhùn yẹn gan-an ni àtúnsọ. Kò gba ìdajì ìṣẹ́jú, a kò sì gbọdọ̀ ki ọ̀rọ̀ tuntun kankan bọ̀ ọ́. Bí ohùn wọn bá lọ sílẹ̀ lórí ìbéèrè kan, ibẹ̀ ni kò yé wọn, kí a sì padà síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì ló máa ń da ènìyàn láàmú. Kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀ fa atẹ́gùn tútù yẹn, ó fún un pọ̀, ó sì gbóná gan-an. Ojú gbogbo wọn á yí padà: ṣebí òtútù ni a ń wá? Kí olùkọ́ má ṣe sá fún ìbéèrè yìí. Ooru kì í fúnra rẹ̀ kúrò lára ohun tó tutù lọ sára ohun tó gbóná. Bí iyàrá bá wà ní 33, tí gáàsì sì tutù jù ú lọ, kò sí bí ooru tó gbé láti inú fíríìsà ṣe máa jáde. A ní láti mú kí ó gbóná ju iyàrá lọ, bíi 50, kí iyàrá lè gba ooru náà. Ní ìgbésẹ̀ yìí, mo máa ń fi ìbéèrè kẹrin kún àtúnsọ: kí ló dé tí a fi jẹ́ kó gbóná? Ẹni tí kò bá lè dáhùn èyí, ìgbésẹ̀ tó kù kò ní já mọ́ nǹkan fún un.

Ìkẹta rọrùn. Gáàsì gba inú àwọn páìpù dúdú ẹ̀yìn fíríìjì kọjá, ó tú ooru sí iyàrá, ó sì di omi. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́, ó ṣì wà ní fífúnpọ̀. Ní ìkẹrin, omi náà gba inú páìpù tín-ín-rín kan kọjá. Bó ṣe jáde, ìfúnpọ̀ rẹ̀ já wálẹ̀, díẹ̀ lára rẹ̀ hó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sì gba ooru lára ìyókù. Ìyókù yẹn jẹ́ omi, ó tutù, ó tú sílẹ̀, ó sì tún ti wọ inú fíríìsà.

Mẹ́rin péré ni mo gé e sí. Ní ọdún 2001, Nelson Cowan, onímọ̀ nípa èrò ọkàn ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé nǹkan bíi mẹ́rin ni ọkàn ènìyàn lè gbé dání lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá gé fíríìjì sí mọ́kànlá, àwọn tó ń gbọ́ á ti sọ ìkíní nù kí wọ́n tó dé ìkẹfà.

Bí ẹ̀kọ́ bá máa ju ọjọ́ kan lọ, ẹ wo ohun tí Michael Faraday ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ àbẹ́là fún àwọn ọ̀dọ́ ní Kérésìmesì ọdún 1860 sí 1861. Ó sábà máa ń ṣí ìjókòó tuntun láti ibi tí wọ́n dúró sí gan-an nígbà tí wọ́n rí ara wọn kẹ́yìn.

Àtúnsọ ìkẹyìn kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi páìpù ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, kí gbọ̀ngàn gbé e yí ká. Ẹni tó há a sórí á dákẹ́, ẹni tó yé á máa lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n: bí a bá fi ẹ̀yìn fíríìjì lẹ̀ mọ́ ògiri ńkọ́? Ìgbésẹ̀ kẹta ni yóò bàjẹ́. Ooru kò ráyè jáde, gáàsì kò di omi dáadáa, ohun tó máa hó nínú fíríìsà dín kù, kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ láìsinmi. Àwọn fúnra wọn ló máa sọ ọ́, láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn.

Ibì kan wà tí ẹnu kò dé. Ìwọ̀n gáàsì tí fíríìjì kọ̀ọ̀kan ń gbà yàtọ̀ síra, orí pátákó kékeré tó wà lára ẹ̀rọ ni wọ́n kọ ọ́ sí, òṣùwọ̀n ni a sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pe irú nọ́ḿbà bẹ́ẹ̀ lórí ìjókòó kí ẹ retí pé wọn yóò rántí rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹ fún wọn mú lọ sílé.