Ìbéèrè fún Sẹminá Tí A Kà Lóréfèé

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn kì í jáde láì ṣe sẹminá. Á dúró síwájú àwọn olùkọ́ àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, á máa ṣí síláìdì kan tẹ̀ lé òmíràn lára ògiri, á sì ṣàlàyé iṣẹ́ tó ṣe. Bó bá parí, alága ìjókòó á ní, "Ó yá, ta ló ní ìbéèrè?" Ibẹ̀ ni gbogbo yàrá á ti pa lọ́lọ́. Kì í ṣe pé kò sí ohun tí èèyàn lè bi í. Àwọn tó jókòó náà ní pírójẹ́ẹ̀tì tiwọn tí wọ́n ń bá yí, iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wọn yìí sì ni wọ́n kàn sáré kà lóréfèé lálẹ́ àná, bí wọ́n bá tilẹ̀ kà á. Ẹ̀rù ń bà wọ́n kí wọ́n má lọ sọ ohun tí kò mọ́gbọ́n wá létí olùkọ́.

Èrò tèmi ni pé ìwọ̀nba tí wọ́n kà yẹn tó, bí wọ́n bá mọ ibi tí wọ́n á dojú rẹ̀ kọ. Kí wọ́n wá nọ́ńbà kan ṣoṣo tí gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé, kí wọ́n sì tọpa rẹ̀ padà títí wọ́n á fi dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn tí wọ́n kà kí nọ́ńbà náà tó jáde. Ìrìn yẹn kò gba ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, ìbéèrè gidi sì máa ń wà lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká mú irú iṣẹ́ kan tó wọ́pọ̀ ní àwọn ẹ̀ka tó ń kọ́ nípa ìlera. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ mọ bí àyẹ̀wò ibà oníkíákíá ṣe ṣe é gbára lé tó lára àwọn ọmọdé. Àyẹ̀wò yìí ni èyí tí wọ́n máa ń gún ọmọ níka fún, tí wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ike pẹlẹbẹ kan, tí wọ́n á sì kán omi tó bá a wá lé e. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, wọ́n á wo ìlà tó yọ. Ìlà kan níwájú lẹ́tà C túmọ̀ sí pé àyẹ̀wò náà ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n kò rí ibà. Bí ìlà kejì bá yọ níwájú T, ibà wà. Bí èyí tó wà níwájú C kò bá yọ rárá, ike náà kò dára nìyẹn, kí wọ́n mú òmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe é fún ọmọ 200, ó sì tún fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan sára gíláàsì, ó fi aró pa á, ó wò ó lábẹ́ maikirosikóòpù. Èmi ni mo ṣètò àwọn nọ́ńbà tó ń bọ̀ yìí kí ìṣirò lè rọrùn, ṣùgbọ́n bí irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí náà nìyẹn.

Kí ni ká kọ́kọ́ kà? Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìṣáájú sílẹ̀. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ló wà níbẹ̀: ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri, ibà ń pa àwọn ọmọ kéékèèké, àjọ ìlera àgbáyé sì ti ń sọ láti ọdún 2010 pé kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó fún èèyàn lóògùn ibà. Ẹ ka àkópọ̀ iṣẹ́ náà, ẹ lọ tààrà sí tábìlì, kí ẹ sì ka síláìdì tó kẹ́yìn. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta náà nìyẹn. Nínú àkópọ̀ ni nọ́ńbà tó ń tàn yẹ́yẹ́ máa ń wà, tábìlì ló máa ń sọ bó ṣe débẹ̀, síláìdì ìkẹyìn ló máa sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Ká ní àkópọ̀ sọ pé àyẹ̀wò oníkíákíá náà mú ibà ní ìdá 90 nínú 100, tí síláìdì ìkẹyìn sì ní kí àwọn ilé ìwòsàn máa lò ó dípò maikirosikóòpù. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí èèyàn máa bi ara rẹ̀ ni pé, 90 nínú 100 àwọn wo? Tábìlì ló máa dáhùn. Nínú ọmọ 200 náà, maikirosikóòpù rí kòkòrò ibà lára 60. Nínú 60 yìí, ìlà méjì yọ fún 54. Ibẹ̀ ni 90 ti wá. Nọ́ńbà náà kò parọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ 60 nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nípa wọn.

Ọmọ 140 tó kù ńkọ́? Maikirosikóòpù kò rí kòkòrò kankan lára wọn. Síbẹ̀, tábìlì fi hàn pé ìlà méjì yọ fún 28 nínú wọn. Ẹ wá wò ó bí nọ́ọ̀sì ṣe máa wò ó. Kò ní maikirosikóòpù, ike nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ọmọ tí ìlà méjì yọ fún jẹ́ 54 àti 28, ìyẹn 82. Nínú 82 tó fẹ́ fún lóògùn, 54 péré ni maikirosikóòpù jẹ́rìí sí, nǹkan bí ìdá 66 nínú 100. 90 ló wà lórí síláìdì, àmọ́ 66 ni nọ́ńbà tó kan nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá rí àlàfo yìí ti ní ìbéèrè lọ́wọ́, bí kò tilẹ̀ ka ìwé kankan nípa ibà rí.

Ìbéèrè tó kàn sọ pé "Kí ló dé tí 28 fi ṣì í?" ṣì fẹ̀ jù. Ẹ wá ohun kan kà sí i lóde síláìdì, ohun kan péré. Bébà ìlànà tó máa ń wà nínú páálí àyẹ̀wò náà dára gan-an. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àyẹ̀wò yìí kì í wá kòkòrò ibà fúnra rẹ̀. Pùrótéènì kan tí kòkòrò náà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wá. Oògùn lè ti pa kòkòrò náà tán, kí pùrótéènì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ìlà méjì sì máa yọ lára ọmọ tí ibà rẹ̀ ti lọ. Maikirosikóòpù náà ní àbùkù tirẹ̀. Ojú èèyàn ló ń wò ó, bí kòkòrò bá kéré níye, tàbí tó bá ti rẹ ẹni tó ń wò ó, ó lè fò ó dá. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni 28 yẹn lè gbà wáyé: ó lè jẹ́ pé àyẹ̀wò oníkíákíá ń rí ìyókù ibà àná, ó sì lè jẹ́ pé ojú tó wo gíláàsì ló fo kòkòrò dá.

Ìbéèrè wá di méjì, akẹ́kọ̀ọ́ náà sì lè fi ìwé iṣẹ́ tirẹ̀ dáhùn méjèèjì. Èkíní: "Ní síláìdì tí tábìlì wà, mo rí ọmọ 28 tí ìlà méjì yọ fún tí maikirosikóòpù kò rí nǹkan kan lára wọn. Ṣé ẹ bi àwọn ìyá wọn bóyá wọ́n ti lo oògùn ibà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú?" Èkejì: "Ṣé ẹnì kan ló wo gíláàsì náà, àbí ẹnì kejì tún un wò láì mọ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ kọ?" Gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú ìbéèrè èkíní fi ìka sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà, gbólóhùn kejì béèrè. Kò sí àsọyé níbẹ̀. Lédè òyìnbó ni ẹ máa béèrè rẹ̀ ní gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá lẹ́nu ara yín. Ibi tó bá ti há yín lẹ́nu, ibẹ̀ ni kò tíì yé yín.

Ẹ múra ẹ̀kẹta sílẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lè dáhùn ọ̀kan kí ẹ tó nàwọ́ sókè. Nínú iṣẹ́ yìí, ẹ̀kẹta lè wá láti síláìdì ìkẹyìn: níbo ni wọ́n ti rí ọmọ 200 náà? Bó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ tí ara wọn gbóná, tí ìyá wọn gbé wá sílé ìwòsàn lásìkò òjò nìkan ni, 66 yẹn máa wálẹ̀ sí i lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí ibà kò bá pọ̀ láàárín àwọn tí à ń yẹ̀ wò, àwọn tí ìlà méjì ṣèèṣì yọ fún máa pọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ní in lóòótọ́. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé, kí ẹ mú bírò dání, kí ẹ máa fagi lé èyí tó bá dáhùn bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ. Ohun tó máa ń ba sẹminá jẹ́ jù ni kí ẹnì kan dìde béèrè ohun tí gbogbo èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, torí pé ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń wò látìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn ìbéèrè kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé wá. "Àǹfààní wo ni iṣẹ́ yín máa ṣe fún ìlú?" "Ìṣòro wo lẹ dojú kọ?" Ẹ lè bi ẹni tó ṣiṣẹ́ lórí ẹja òsìn bẹ́ẹ̀, ẹ lè bi ẹni tó ṣiṣẹ́ lórí bíríkì. Bí ìbéèrè bá bá sẹminá ẹlòmíràn mu láì yí ọ̀rọ̀ kan padà, ẹ pa á rẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbéèrè tí èèyàn já láti inú ìwé ńlá kan kí wọ́n lè pè é ní ọ̀mọ̀wé. Ẹlẹgbẹ́ yín máa dúró gbọn-in síwájú, kò ní mọ ohun tó máa sọ, bí olùkọ́ bá sì ní kí ẹ̀yin tí ẹ béèrè ṣàlàyé, kì í ṣe òun nìkan ni ojú máa tì.

Bí sẹminá náà kò bá ní nọ́ńbà, bóyá ìtàn ìlú tàbí ewì ló dá lé, gbólóhùn tó wúwo jù nínú rẹ̀ ni ká tọpa rẹ̀. Bó bá ní "àwọn àgbà ìlú gbà pé", ẹ béèrè iye àgbà tó bá sọ̀rọ̀ àti agboolé tí wọ́n ti wá.

Kò burú kí ẹ lọ bá a lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kí ẹ ní, "Ẹgbẹ́ mi, mo fẹ́ bi ọ́ nípa àwọn ọmọ 28 yẹn lọ́la o." Àwọn kan ní ìyẹn kì í jẹ́ kí ìdánwò jẹ́ ìdánwò mọ́. Mi ò gbà. Ó máa padà sídìí fọ́ọ̀mù tó fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ìyá, á sì wò ó bóyá ìbéèrè oògùn wà níbẹ̀. Bó bá wà, á ka iye ọmọ tó ti lo oògùn nínú 28 náà, á sì ka tiwọn nínú 112 tí ìlà kan ṣoṣo yọ fún, torí pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ kò lè sọ nǹkan kan fún wa bí èkejì kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá wá jẹ́ pé kò béèrè nípa oògùn rárá nígbà yẹn, ó ṣì ní àyè láti kọ ọ́ sí orí tó kẹ́yìn pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí wọ́n tó dì í, kí ó sì tún síláìdì tó ní kí wọ́n pa maikirosikóòpù tì kọ.