Àwọ̀ Ṣeé Kó, Ìmọ́lẹ̀ Kò Ṣeé Kó

Ẹni tó bá jókòó sí ilé fọ́tò fún ìgbà díẹ̀ yóò rí oníbàárà tó na fóònù síta, tó ní, “Irú èyí ni mo fẹ́, àmọ́ àwọn òbí mi ni kí ẹ fi síbẹ̀.” Fọ́tò méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Èkíní ni àwòkọ́ṣe: bí àwọn èèyàn inú rẹ̀ ṣe jókòó, ibi tí fèrèsé wà, àwọ̀ ìrọ̀lẹ́ tó bo gbogbo rẹ̀. Èkejì ni fọ́tò tí ojú yóò ti wá, ó sì lè jẹ́ òde ìnáwó ni wọ́n ti yà á lọ́sàn-án gangan. Iṣẹ́ oníṣẹ́ ni láti kó àwọ̀ àti ètò ti àkọ́kọ́, kó fi ojú ti èkejì sí i, kí ẹni tó bá wò ó má mọ ojú ibi tí wọ́n ti rán an.

Iṣẹ́ yìí ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Fọ́tò kan wà ní ilé ìkówèésí àgbà ti ìjọba Amẹ́ríkà ní Washington, tó fi Ọ̀gágun Ulysses Grant hàn lórí ẹṣin níwájú àgọ́ ológun. Levin Handy ló forúkọ sílẹ̀ pé òun ló ni ín ní 1902. Orí Grant tó wà níbẹ̀ wá láti inú fọ́tò tí wọ́n yà ní Cold Harbor ní 1864. Ara àti ẹṣin jẹ́ ti ọ̀gágun mìíràn, Alexander McCook. Àwọn tó pọ̀ lọ súà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun tí wọ́n mú ní Fisher’s Hill. Nígbà tí wọ́n wò ó dáadáa nílé ìkówèésí, wọ́n rí i pé orí náà kò jókòó dáadáa lórí ọrùn, ẹṣin náà kì í sì í ṣe Cincinnati tí Grant máa ń gùn.

Àwọn ayàwòrán Yorùbá náà ní ọgbọ́n tiwọn. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó wá ṣèwádìí lọ́dọ̀ wọn, kọ ọ́ ní 1978 bí wọ́n ṣe ń ya ìbejì tí ọ̀kan ti lọ. Wọ́n á ya èyí tó wà láàyè, wọ́n á sì fi àwòrán rẹ̀ dípò èyí tó lọ. Bí èyí tó lọ bá jẹ́ ọkùnrin tí èyí tó kù sì jẹ́ obìnrin, wọ́n á wọṣọ ọkùnrin fún un lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á wá tẹ méjèèjì pọ̀ sórí pépà kan ṣoṣo, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jókòó pọ̀.

Ẹ fi iṣẹ́ méjèèjì wéra. Ti ìbejì gún régé torí pé kámẹ́rà kan náà ló ya ojú méjèèjì, nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà. Ti Grant kò rí bẹ́ẹ̀: ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ ti wá. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Àwọ̀ ṣeé kó láti inú fọ́tò kan sí òmíràn, ètò ìjókòó náà ṣeé kó. Àmọ́ apá ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbà lu ojú, àti bí kámẹ́rà ṣe jìnnà sí ojú nígbà tí wọ́n ń yà á, ìwọ̀nyẹn ti di ara ojú náà. Ẹni tó bá fẹ́ yí wọn padà, ojú mìíràn ló ń kùn, kò sì ní pẹ́ tí kò fi ní jọ ẹni tó ni ín mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ìdílé kan. Màmá fẹ́ pé ẹni àádọ́rin ọdún, Bàbá ti ṣaláìsí. Àwọn ọmọ rí fọ́tò kan tó wù wọ́n: tọkọtaya àgbàlagbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, fèrèsé wà lápá òsì, oòrùn ìrọ̀lẹ́ gba ibẹ̀ wọlé, ó fi àwọ̀ wúrà díẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, ògiri ẹ̀yìn wọn sì jẹ́ búlúù tó ṣókùnkùn. Fọ́tò Bàbá tó dára jù lọ́wọ́ wọn ni èyí tí wọ́n yà níbi ìkómọ kan, lábẹ́ kánópì.

Ojú Bàbá ni oníṣẹ́ yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kó tó kan àwòkọ́ṣe. Yóò wo òjìji imú: apá òsì fọ́tò ló ṣubú sí, ó túmọ̀ sí pé apá ọ̀tún ni ìmọ́lẹ̀ ti wá. Yóò wo ẹyinjú: funfun kékeré tó ń dán nínú rẹ̀ wà lókè lápá ọ̀tún, òun náà jẹ́rìí sí i. Bẹ́ẹ̀ ni apá òsì ni fèrèsé inú àwòkọ́ṣe wà.

Ohun tó máa ń yá ọ̀pọ̀ lára ni kí wọ́n yí ojú Bàbá po, kí ọ̀tún di òsì. Kọ̀ǹpútà á ṣe é lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ ojú ọmọ èèyàn kò dọ́gba lọ́tùn-ún lósì. Bí Bàbá bá ní àpá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí tó bu ìbàǹbá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ó ti ṣí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì nìyẹn. Bí kò tiẹ̀ sí àpá kankan, Màmá tó ti ń wo ojú yẹn láti ogójì ọdún á ní, “Ó jọ ọ́, àmọ́ òun kọ́.” Àwòkọ́ṣe ló yẹ ká yí. Kí fèrèsé bọ́ sí apá ọ̀tún, kí ìjókòó tọkọtaya náà tẹ̀ lé e. Ètò fọ́tò náà ò ní bàjẹ́, torí kò sẹ́ni tó gbé òsì fèrèsé yẹn sọ́kàn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ìjìnnà. Láti ṣóńṣó imú dé etí tó bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Bí wọ́n bá gbé fóònù sí àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà sójú, imú fi ìdá kan nínú márùn-ún sún mọ́ fóònù ju etí lọ, ìdí nìyẹn tí imú fi ń tóbi tí etí fi ń sá sẹ́yìn nínú fọ́tò téèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ yà. Bí ayàwòrán bá dúró ní mítà mẹ́ta, ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ojú tí wọ́n yà nítòsí kì í bá ara tí wọ́n yà lókèèrè mu, bó ti wù kí àwọ̀ wọn jọra tó. Ti Bàbá yìí, ayàwòrán òde ló yà á láti nǹkan bíi mítà mẹ́ta, nítorí náà ó ṣeé lò.

Màmá wà láyé, kò sídìí láti gé ojú tirẹ̀ kúrò níbì kankan. Wọ́n á gbé bẹ́ǹṣì síwájú fèrèsé nírọ̀lẹ́, Màmá á jókòó, àkọ́bí ọkùnrin á wọ agbádá Bàbá, á jókòó tì í, á yí ọrùn síbi tí Bàbá yí i sí níbi ìkómọ. Kámẹ́rà á wà ní mítà mẹ́ta. Ìkà ọwọ́ ọmọ náà gbọ́dọ̀ wọnú agbádá, torí ọwọ́ ọ̀dọ́ lábẹ́ ojú àgbà máa ń tú àṣírí kíákíá. Ọ̀nà yìí tún yọ oníṣẹ́ nínú ẹjọ́. Òfin Nàìjíríà ti 2022 dáàbò bo fọ́tò oní-fọ́tò, àmọ́ èrò pé kí èèyàn méjì jókòó tì fèrèsé kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ètò àti àwọ̀ ni wọ́n kó; wọn ò gé ara àlejò kankan.

Ojú Bàbá ti wọlé báyìí, wọ́n ti bá a wọn láti àgbọ̀n dé iwájú orí kó lè ṣe déédéé pẹ̀lú orí ọmọ rẹ̀. Kí wọ́n tó kan àwọ̀ rárá, wọ́n á sọ gbogbo fọ́tò náà di dúdú àti funfun fúngbà díẹ̀. Bí ojú bá mọ́lẹ̀ ju ọrùn lọ, tàbí tí ibi tó dúdú jù nínú òjìji rẹ̀ kò dúdú tó ti agbádá, ó máa hàn gbangba. Ọ̀nà tí wọ́n ń lò nínú Fótóṣọ́ọ̀pù ni Curves, ìlà kan tí wọ́n ń fà sókè tàbí sísàlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ abẹ́ kánópì rọ̀, nítorí náà òjìji ojú Bàbá fúyẹ́. Wọ́n lè mú un jinlẹ̀ sí i. Wọn ò lè dá òjìji tuntun sílẹ̀ síbi tí kò sí tẹ́lẹ̀.

Nígbà náà ni àwọ̀ tó kàn. Ní 2001, Erik Reinhard àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ọ̀nà kan jáde tó rọrùn lóye: wá ìpíndọ́gba àwọ̀ inú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, wá bí àwọ̀ ṣe fẹ́ sí yí ìpíndọ́gba yẹn ká, kí o wá sọ ti èkejì di ti èkíní. Ká sọ pé ìpíndọ́gba ìmọ́lẹ̀ fọ́tò ìkómọ jẹ́ 150, tó fẹ̀ tó 45, ti àwòkọ́ṣe sì jẹ́ 90, tó fẹ̀ tó 30. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó jẹ́ 180 fi 30 ga ju ìpíndọ́gba tirẹ̀ lọ. Ẹ dín 30 yẹn kù sí 20, torí 30 jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta 45. Ẹ fi 20 kún 90, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà di 110. Wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ibi tó wà nínú fọ́tò, àti fún àwọ̀ náà. Fótóṣọ́ọ̀pù ní irinṣẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, tó ń jẹ́ Match Color.

Àṣìṣe ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ìpíndọ́gba kò mọ ojú yàtọ̀ sí ògiri. Bí ògiri búlúù bá gba ìdajì àwòkọ́ṣe, búlúù á kó wọnú ìpíndọ́gba, á sì bà lé ojú Bàbá, ojú á wá ràn bí eérú. Nítorí náà awọ ara ni wọ́n ń fi wé awọ ara: wọ́n á yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ inú àwòkọ́ṣe ká, wọ́n á yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá ká, wọ́n á ṣe é láàárín méjèèjì nìkan. Bí tọkọtaya àlejò bá pupa tí Bàbá sì dúdú, wọn ò ní mú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kọjá ti Màmá àti ti ọrùn ọmọ rẹ̀. Irú wúrà tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń kó, kì í ṣe pípupa àlejò. Nọ́ńbà á tọ́ wọn sọ́nà: lára èèyàn dúdú nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́, pupa ló ń pọ̀ jù, àwọ̀ ewé tẹ̀ lé e, búlúù ló kéré jù. Níbi tí búlúù bá ti kọjá àwọ̀ ewé, ibẹ̀ ló ti bàjẹ́.

Ohun tó gbẹ̀yìn ni bí fọ́tò ṣe rí bí wọ́n bá sún mọ́ ọn. Kámẹ́rà ní hóró kéékèèké tirẹ̀, pàápàá nínú òkùnkùn díẹ̀. Ojú tí wọ́n gbé wọlé sábà máa ń yọ̀ ju ara lọ, kó dà bí pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Wọ́n á fi Add Noise da hóró díẹ̀ sí i, wọ́n á rọ etí ojú náà títí yóò fi bá etí fìlà dọ́gba, wọ́n á sì rí i pé òjìji fìlà ṣubú sí iwájú orí lápá kan náà tí òjìji imú ṣubú sí.

Ìwọ̀n fọ́tò kò sì gba ẹ̀bẹ̀. Bí ojú Bàbá nínú fọ́tò tó wá láti Wọ́sáàpù bá ní igba píksẹ́lì láti òkè délẹ̀, tí fọ́tò Màmá sì ń béèrè ẹgbẹ̀ta, fífẹ̀ ni wọ́n á kàn fẹ̀ ẹ́, ojú á sì ṣú. Wọ́sáàpù ń fún fọ́tò pọ̀ bí wọ́n bá fi í ránṣẹ́ lásán. Kí wọ́n fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì ló sàn. Ẹni tó bá fẹ́ irú iṣẹ́ yìí, kó kó gbogbo fọ́tò tó bá rí lọ, àní èyí tí Bàbá ò ti rẹ́rìn-ín pàápàá. Ọmọ lè fẹ́ràn èyí tí Bàbá ti rẹ́rìn-ín jù. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ gbà lu ojú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo, tí wọ́n sì yà láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀, ni oníṣẹ́ yóò mú.