Ta Ló Wà Níjókòó Nígbà Tí Wọ́n Fọwọ́ Sí I?

Bí ìjà bá dé lórí owó yíyá nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìwé mínìtì ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń bínú sì máa ń béèrè ni pé: ta ló wà níjókòó nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i? Àkọ̀wé tó kọ ọ́ pé “gbogbo wa ló wá, àfi igbákejì alága tó tọrọ gáfárà” kò tíì dáhùn ìbéèrè yẹn. Ó sọ fún wa pé àwọn ènìyàn yọjú lọ́jọ́ náà, kò sọ ìgbà tí oníkálukú dé àti ìgbà tó gbéra.

Ẹ jẹ́ ká fi ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje kan ṣe àpẹẹrẹ. Òfin ẹgbẹ́ wọn sọ pé ènìyàn mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ jókòó kí wọ́n tó lè fẹnu kò lórí ohunkóhun, ohun tí wọ́n ń pè ní kóróọ̀mù. Aago 4:00 ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fìpàdé sí. Nígbà tó lu mẹ́rin, alága, akọ̀wé àti akápò nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n lè gbàdúrà, wọ́n lè máa tàkúrọ̀sọ, ṣùgbọ́n ìpàdé kò tíì bẹ̀rẹ̀. Rewáyà tó jẹ́ ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ wọlé ní 4:20, wọ́n di mẹ́rin, alága sì ṣí ìpàdé. Aago 4:20 yẹn ni akọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ gẹ́gẹ́ bí àkókò tí ìpàdé bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe 4:00 tó wà nínú ìwé ìpè. Bí ẹgbẹ́ bá ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó pẹ́, rewáyà jẹ gbèsè ogún ìṣẹ́jú. Síbẹ̀ kò sí ohun kan nínú ìpàdé tó kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì tó yàtọ̀ nìyẹn, ọ̀pọ̀ akọ̀wé ló sì ń pa wọ́n pọ̀.

Ẹni méjì kò sí ńlé. Igbákejì alága ránṣẹ́ lórí Wọ́tsáàpù láàárọ̀ pé ara òun kò yá. Ìyá kan nínú ìgbìmọ̀ ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ tó bímọ ní Ìbàdàn. Ó ti tọrọ àyè oṣù méjì ní ìpàdé tó kọjá, ìgbìmọ̀ sì ti fọwọ́ sí i. Àwọn méjèèjì kò wá, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà kọ́ ni à á gbà kọ wọ́n. Ti igbákejì alága, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó ránṣẹ́, ìpàdé sì gbọ́. Ẹnikẹ́ni kò yọ̀ǹda ohunkóhun fún un. Ti ìyá náà, ìpinnu ni, ó ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí, ó sì yẹ kí akọ̀wé kọ ọ́ báyìí: “Ó wà lẹ́nu àyè tí a fún un ní ìpàdé tó kọjá, títí di òpin oṣù tó ń bọ̀.” Bí oṣù méjì bá pé tí kò dé, àyè ti tán nìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ bíi tàwọn yòókù tàbí kó tọrọ òmíràn.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ àdúgbò nìkan. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 68 fún àwọn aṣòfin Àbújá àti abala 109 fún tàwọn ìpínlẹ̀, sọ pé aṣòfin tó bá pa ìjókòó jẹ láìnídìí, tó sì ju ìdá mẹ́ta ọjọ́ tí ilé jókòó láàárín ọdún kan, máa pàdánù àyè rẹ̀. Èwo wá ni ìdí tó tọ́? Òfin kò fi sọ́wọ́ aṣòfin náà: àìwá rẹ̀ jẹ́ àìwá láìnídìí, àfi bí ẹni tó darí ìjókòó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdí náà tẹ́ òun lọ́rùn. Ní Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú àwọn káńsílọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, òfin ọdún 1972 le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Káńsílọ̀ tí kò bá wá sípàdé kankan fún oṣù mẹ́fà gbáko kì í ṣe káńsílọ̀ mọ́, àyàfi tí káńsù bá ti fọwọ́ sí ìdí rẹ̀ kí oṣù mẹ́fà náà tó pé. Ó lè ti máa ránṣẹ́ gáfárà loṣooṣù, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ sínú mínìtì. Bí kò bá sí ìpinnu tó fọwọ́ sí ìdí náà, gáfárà yẹn kò gbà á.

Ní ti bí a ṣe ń kọ ìdí àìwá, díẹ̀ ló tó. “Ara rẹ̀ kò yá” ti tó; orúkọ àìsàn kò yẹ ní ìwé tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè kà. Bí ẹlòmíràn bá sì jíṣẹ́ fún un, kí akọ̀wé kọ ẹni tó jẹ́ ẹ, nítorí “mo rán ẹnì kan sí yín” ni àwáwí tó pọ̀ jù lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbowó ìtanràn. Iṣẹ́ tó dé lẹ́yìn ìpàdé kò gbọ́dọ̀ yọ́ wọnú mínìtì ọjọ́ yẹn. Ìpàdé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n á ti sọ ọ́.

Ká padà sí ìjókòó wa. Aago 4:50 ni télọ̀ wọlé, wọ́n ti fọwọ́ sí mínìtì ìpàdé tó kọjá. Wọ́n di márùn-ún. Akápò gba àyè lọ́wọ́ alága ó sì lọ ní 5:40, lẹ́yìn tó ka ìṣirò owó. Wọ́n ku mẹ́rin. Aago 6:00 ni ẹnì kan pe rewáyà pé iná ń jó wáyà níbì kan, ó sáré jáde, kò sì sẹ́ni tó fọkàn sí i. Ní 6:05, wọ́n fọwọ́ sí yíyá ọmọ ẹgbẹ́ kan ní 200,000 náírà. Wọ́n tú ká ní 6:15.

Bí a bá ka orúkọ tó wà lókè mínìtì, ènìyàn márùn-ún ló wá, ó ju kóróọ̀mù lọ. Ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ló wà níjókòó ní 6:05. Orúkọ márùn-ún náà kì í ṣe irọ́, síbẹ̀ wọ́n á ti mú ẹni tó ń kà á gbà pé márùn-ún ló yá owó náà jáde. Akápò àti rewáyà náà á rí ara wọn lára ìpinnu tí wọn ò mọ̀ nípa rẹ̀, bí ẹni tó yáwó náà bá sá lọ lọ́jọ́ kan.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé kí akọ̀wé to àkókò dídé àti lílọ sókè nìkan. Kó kọ ọ́ sókè, ó dára: “Télọ̀, láti 4:50, akápò, títí di 5:40, rewáyà, títí di 6:00.” Ṣùgbọ́n kó tún kọ ọ́ sáàárín, ní ojú ibi tó ti ṣẹlẹ̀ gan-an, láàárín ọ̀rọ̀ tó parí àti èyí tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀: “Akápò lọ ní 5:40. Ó ku ènìyàn mẹ́rin.” Gbólóhùn kejì yẹn ló ṣe pàtàkì jù, nítorí pé akọ̀wé tó bá ń kọ ọ́ gbọ́dọ̀ máa kà. Ká ní ó kọ ọ́ nígbà tí rewáyà jáde, á ti rí i pé mẹ́ta ló kù, á sì rọra sọ fún alága pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ò pé mọ́.” Ọ̀rọ̀ owó ì bá ti dúró.

Níbi tọ́rọ̀ dé yìí, akọ̀wé kò gbọ́dọ̀ yí 6:00 padà sí 6:10 kí nǹkan lè bára mu. Kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ owó yíyá náà padà wá síwájú ìpàdé tó ń bọ̀ tí ènìyàn bá pé mẹ́rin. Bí akápò kò bá tíì sanwó, kó dáwọ́ dúró. Bó bá ti san án, ìpàdé yẹn ni yóò pinnu bóyá àwọn fọwọ́ sí i tàbí kí wọ́n gba owó náà padà, mínìtì tuntun náà á sì sọ orúkọ àwọn tó wà níjókòó nígbà tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.